Wọ́n tún ti ní kí n wá ṣètò pátì ẹbí, báwo ni mo ṣe máa kọ̀ ọ́ tí kò ní dà bí àìmoore?

Ṣadé_Àárín:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Pátì ìparí ọdún ẹbí wa, èmi ni mo ti ń ṣètò ẹ̀ láti ọdún mélòó kan. Lọ́dún tó kọjá mo sọ fún wọn pé ó tó gẹ́ẹ́, wọ́n bẹ̀ mí, mo tún ṣe é. Nígbà tá a parí, wọ́n pè mí síwájú gbogbo èèyàn, wọ́n fún mi ní ẹ̀bùn, Àǹtí mi àgbà, tó jẹ́ pé òun ló rán mi níléèwé, gbàdúrà fún mi títí omi fi bọ́ lójú mi. Ó tún ti pè mí báyìí pé "ìwọ náà la máa fi ṣe é o, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ṣe bíi tìẹ." Mi ò fẹ́ ṣe é mọ́. Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ mí. Báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ tí wọn ò ní sọ pé mo gba ẹ̀bùn tán mo kẹ̀yìn sí wọn?

Kò_Tán_Síbẹ̀:
Sọ pé o ò ṣe. Ó parí. Má ṣàlàyé nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni torí bó o bá ti lanu pé "ìdí tí mi ò fi lè ṣe é ni pé..." o ti wọ gàù nìyẹn, wọ́n á mú ìdí yẹn, wọ́n á tú u palẹ̀ níwájú ẹ.

Lánre_T:
Òótọ́ pọ́ńbélé lẹni òkè yìí sọ. Èmi sọ fún tiwa pé iṣẹ́ máa pọ̀ lọ́wọ́ mi lóṣù yẹn. Ṣẹ́ ẹ mọ ohun tí wọ́n ṣe? Wọ́n sún pátì síwájú! Ẹ̀gbọ́n mi tún wá ń fayọ̀ pè mí pé "nítorí tìẹ la ṣe sún un o." Kí ni mo tún fẹ́ sọ? Mo ṣe é ni, tẹnu dídì.

Dúró_Gbọ́:
Aunti Ṣadé ẹ má jẹ́ kó ká yín lára. Ọ̀rọ̀ owó yìí, gbogbo wa ló ń bá fínra. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ máa dá ìdajì, kí àwọn tó kù náà dá tiwọn, kò sẹ́ni tó lè fi tipá gba owó lọ́wọ́ yín.

Ṣadé_Àárín:
@Dúró_Gbọ́ ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n kì í ṣe owó o. Mo ń dá owó tèmi, mo sì máa dá a lọ́dún yìí náà. Ìṣètò yẹn gan-an ni mi ò fẹ́. Ìpè àárọ̀, ìpè òru, "Ṣadé, àga ò tó", "Ṣadé, èmi ò lè jókòó ti lágbájá." Mi ò tíì jókòó jẹun ní pátì yẹn látìgbà tí mo ti ń ṣe é.

Akọ̀wé_Ẹbí:
Èmi náà ti wà nípò yẹn rí, mo sì ti kúrò níbẹ̀, èmi àti ẹbí mi sì ń bá ara wa sọ̀rọ̀ dáadáa, torí náà ẹ jẹ́ kí n fi kún ohun tí Kò_Tán sọ.

Ó ti rí apá kan, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdí sísọ ló ń kó èèyàn sí wàhálà, irú ìdí tá a sọ ni. Àwọn ìdí kan wà tó jẹ́ pé béèyàn bá ti sọ wọ́n, ó dà bíi pé à ń bèèrè ìrànlọ́wọ́. Tó o bá ní o ò ráyè, wọ́n á wá àyè fún ẹ bí wọ́n ṣe ṣe fún Lánre. Tó o bá ní iṣẹ́ náà ti pọ̀ jù, wọ́n á fún ẹ ní ọmọ méjì pé kí wọ́n máa ràn ẹ́ lọ́wọ́, àwọn ọmọ yẹn náà á wá di nǹkan tó o ní láti máa bójú tó. Ọkàn wọn mọ́ o, ìṣòro tó o gbé síwájú wọn ni wọ́n bá ẹ yanjú. Ohun tí wọn ò lè bá ẹ yanjú ni ohun tó o ti pinnu. "Mo ti pinnu pé mi ò ní ṣe ìṣètò lọ́dún yìí." Kò síbi tí wọ́n máa ti gbá a mú.

Ti àìmoore yẹn wá ńkọ́. Oore méjì ni Àǹtí yín ṣe, ẹ má dà wọ́n pọ̀. Ọ̀kan ni pé ó rán ẹ níléèwé, èkejì ni pé wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ lọ́dún tó kọjá. Tó o bá ń kọ pátì tó o sì ń sọ pé "mo mọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ ti ṣe fún mi láti kékeré", ìwọ fúnra ẹ lo ń sọ fún wọn pé pátì yìí lo fi ń san gbèsè iléèwé, ta ló wá máa gbà kó o dáwọ́ gbèsè dúró? Fi iléèwé sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn pátápátá. Àdúrà yẹn ni kó o dúpẹ́ fún, àti bí wọ́n ṣe pè ẹ́ síwájú. Nǹkan kan pàtó tójú ẹ rí.

Má sì fi "ṣùgbọ́n" so ọpẹ́ mọ́ kíkọ̀. Ẹni tó bá ti gbọ́ "ẹ ṣeun gan-an ṣùgbọ́n", ohun tó tẹ̀lé e nìkan ló máa rántí. Dúpẹ́, kó o sinmi, jẹ́ kó dáhùn, kó o tó wá sọ ìkejì.

Ìyá_Wúrà:
Ẹ jẹ́ kí èmi tí mo wà ní ẹ̀gbẹ́ Àǹtí yẹn náà sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ọmọ máa ń rò pé kíkọ̀ ló ń dùn wá. Ibi tá a ti gbọ́ ọ ló ń dùn wá. Ọmọ àbúrò mi kan kọ irú nǹkan báyìí sórí gúrúùpù ẹbí láàárọ̀ kùtù, èmi tí mo ti fi orúkọ ẹ̀ lérí fún gbogbo èèyàn, àbúrò mi ọkùnrin ló pè mí pé "ṣẹ́ ẹ ti rí ohun tọ́mọ yẹn kọ?" Ọ̀rọ̀ tó kọ yẹn ò burú, ó tiẹ̀ kọ ọ́ tẹ̀yẹtẹ̀yẹ. Ojú ló tì mí.

Èkejì, tẹ́ ẹ bá ń sọ pé "ó ti rẹ̀ mí", ohun tá à ń gbọ́ ni pé a ti lò yín nílòkulò. Ẹ lè máà ní in lọ́kàn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí mo ti gbàdúrà fún ẹ níwájú èrò tó o wá sọ fún mi pé ó rẹ̀ ẹ́, á dà bíi pé gbogbo àkókò tí mò ń yìn ẹ́, o ń kùn sí mi nínú.

Àti pé ẹ̀rù ló ń ba Àǹtí yìí. Ẹni tó bá ń sọ pé "kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ṣe", kì í ṣe ìyìn nìkan ló ń sọ. Kò mọ ibi tó máa ti bẹ̀rẹ̀ tó ò bá sí níbẹ̀ ni.

Ṣadé_Àárín:
Màmá, ẹ ṣeun gan-an ni. Ti ẹ̀rù yẹn wọ̀ mí lára, mi ò ronú ẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Wàhálà tó wá wà nílẹ̀ báyìí ni pé Ańkù mi kan ti gbé e sórí gúrúùpù láná pé "Ṣadé tún ti gbà láti bá wa ṣe é, ẹ bá mi kí i." Wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́ ràì níbẹ̀, wọ́n ń fi òdòdó ránṣẹ́. Mi ò tíì fèsì. Tí mo bá dákẹ́, mo ti gbà nìyẹn àbí?

Kò_Tán_Síbẹ̀:
Kọ ọ́ síbẹ̀ pé irọ́ ni, o ò gbà. Ṣé òun ló ní ẹnu ẹ ni.

Akọ̀wé_Ẹbí:
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ 😂 Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ tán ni.

O ò lè dákẹ́ lóòótọ́, torí bó bá fi di ọjọ́ kẹta, wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ sí í bi ẹ́ pé déètì wo ni. Kọ ìlà kan péré síbẹ̀ lónìí: "Ẹ ṣeun o, mo rí gbogbo àdúrà yín. Mo fẹ́ kọ́kọ́ bá Àǹtí sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀, màá padà wá." Kò tíì sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò tíì sọ bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo ẹni tó bá kà á á sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ṣì wà nílẹ̀. Lẹ́yìn náà pe Àǹtí, kó tó di pé ẹlòmíì bá ẹ pè é. Ìpè ni o, kì í ṣe mẹ́séèjì, torí nínú mẹ́séèjì kò ní gbọ́ ohùn ẹ, ohùn ẹ ló sì máa jẹ́ kó mọ̀ pé o ò bínú.

Bí èmi ṣe sọ tèmi nìyí, ẹ bá mi tún un ṣe bó bá ṣe bá ẹnu yín mu:

"Àǹtí, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ fún yín pé àdúrà tẹ́ ẹ gbà fún mi lọ́jọ́ yẹn, mi ò tíì gbàgbé ẹ̀." Kó o dákẹ́. Ó máa sọ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà: "Mo ti rò ó dáadáa, ìṣètò tọdún yìí, mi ò ní lè gbà á. Ẹ̀yin ni mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ẹ̀ ni màá kọ sínú ìwé fún ẹni tẹ́ ẹ bá yàn, màá sì wá, màá sì dá owó tèmi."

Ìgbà tó bá wá ní "ta ló wá máa ṣe é?", ẹ ṣọ́ra níbẹ̀ yẹn. Má dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó o bá dárúkọ, ìwọ lo fà á kalẹ̀, bí kò bá ṣe dáadáa, wọ́n á padà wá bá ẹ, òun náà á sì bínú sí ẹ pé o ti òun sínú ẹ̀. "Àǹtí, ẹ̀yin lẹ mọ gbogbo wọn ju mi lọ" ti tó.

Kò_Tán_Síbẹ̀:
Ìwé tó ní kó kọ yẹn ni mi ò fara mọ́. Èèyàn ń sá fún iṣẹ́, ẹ tún ń fún un níṣẹ́.

Akọ̀wé_Ẹbí:
Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni, òun ló sì ń jẹ́ kí fóònù dákẹ́ lẹ́yìn náà. Ṣadé, ohun tí wọ́n á máa pè ẹ́ fún ò pọ̀. Orúkọ àti nọ́ńbà àwọn tẹ́ ẹ máa ń gbéṣẹ́ fún: alásè, ẹni tó ní họ́ọ̀lù, ẹni tó ń yá yín ní àga, ẹni tó ń ya fọ́tò. Níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan, kọ ìgbà tó máa ń fẹ́ gba àsansílẹ̀ àti bóyá ó máa ń dá a padà tí déètì bá yẹ̀. Lẹ́yìn náà, iye èèyàn tẹ́ ẹ pè lọ́dún tó kọjá àti iye tó wá gan-an, torí àwọn méjèèjì kì í dọ́gba láéláé, ẹni tuntun tí kò bá sì mọ̀ ọ́n á se oúnjẹ èyí tó máa bàjẹ́ tàbí èyí tí kò ní tó. Ìkẹta ni èyí tí kò sí nínú ìwé kankan, orí ẹ nìkan ló wà: bàbá àgbà wo ni kò lè gun àtẹ̀gùn, ta ni oúnjẹ kan kì í bá lára mu, àwọn méjì wo ni kò gbọdọ̀ jókòó sórí tábìlì kan náà. Èyí tó kẹ́yìn yẹn, má kọ ọ́ sílẹ̀ o 😂 fi ẹnu sọ ọ́.

Bá ẹni tuntun yẹn jókòó lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ kà á látòkè délẹ̀. Sọ fún un pé ẹ máa sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn dáadáa, pé lẹ́yìn ẹ̀ ìwé ló máa wò.

Gbogbo ẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó san àsansílẹ̀ kankan ṣá o. Tí wọ́n bá ti fi orúkọ ẹ gba họ́ọ̀lù, ìwọ ni onílé yẹn á máa pè, bó o tiẹ̀ ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ nígbà ọgọ́rùn-ún.

Lánre_T:
Ọmọ ìyá mi obìnrin kọ̀ ọ́ báyìí náà, ó wá ní òun máa ṣe nǹkan kékeré, pé kí wọ́n fi fọ́tò sílẹ̀ fún òun. Lọ́jọ́ pátì, ẹni tó yẹ kó tò àga ò yọjú, wọ́n ní "ṣebí ìwọ ti wà níbí." Ó gbé àga títí ọwọ́ ẹ̀ fi bó. Nǹkan kékeré kì í ṣe kékeré o.

Akọ̀wé_Ẹbí:
Torí iṣẹ́ ọjọ́ pátì ló mú nìyẹn. Tó bá jẹ́ dandan pé kó o ṣe nǹkan kan, mú èyí tó máa parí kó tó di ọjọ́ náà. Bíi kó o pe àwọn àgbà lọ́kọ̀ọ̀kan láti mọ ẹni tó ń bọ̀, kó o sì fi lísìtì lé ẹni tuntun lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì sí pátì, torí ìgbà yẹn ni alásè máa ń fẹ́ mọ iye tó dájú. O ti fi lísìtì sílẹ̀, o ti lọ. Lọ́jọ́ pátì, wọlé lákòókò tí àlejò ń wọlé. Ẹni tó bá dé ṣáájú ni wọ́n ń rán níṣẹ́.

Bàbá_Ìbejì:
Ẹ̀bùn tí wọ́n fún un lọ́dún tó kọjá yẹn ńkọ́? Ẹ̀rí ọkàn ò ní jẹ́ kí èmi fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣé kò ní dáa kó fi nǹkan kan ránṣẹ́ padà sí Àǹtí náà kí gbogbo ẹ̀ lè dọ́gba?

Ìyá_Wúrà:
Bàbá Ìbejì, rárá o. Iṣẹ́ tó ti ṣe tán ni wọ́n fún un lẹ́bùn lé lórí. Tó bá fi nǹkan ránṣẹ́ sí mi lásìkò tó ń kọṣẹ́, èmi á rò pé ó ń san mí lówó kí n lè dákẹ́. Kó lò ó. Kó jẹ́ kí Àǹtí rí i pé òun ń lò ó.

Bàbá_Ìbejì:
Ó dáa, mo gbọ́. Síbẹ̀, tó bá jẹ́ èmi, màá ṣe nǹkan kan.

Ṣadé_Àárín:
Mo ti padà dé o. Mo kọ ìlà kan yẹn sórí gúrúùpù lánàá, mo pe Àǹtí lálẹ́. Ọkàn mi ń lù kìkìkì.

Mo dúpẹ́ àdúrà, inú ẹ̀ dùn, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbà òmíì 😭 mo dúró kó parí. Mo wá sọ èkejì. Ó dákẹ́, mo rò pé nẹ́tíwọ̀kì ti já. Ó ní "Ṣadé, ṣé ẹnì kan ṣẹ̀ ẹ́ ni?" Mo ní rárá Àǹtí, kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ mí, mo kàn ti pinnu ni. Ó ní kò burú, kí n ṣe é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yìí, kí ẹni tó máa gbà á máa wò mí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí n má purọ́, mo fẹ́ẹ̀ gbà, torí ó mọ́gbọ́n dání létí. Ṣùgbọ́n mo rántí pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi mú mi lọ́dún tó kọjá náà nìyẹn, ẹni tó ní òun máa wò mí ò sì wá wo nǹkan kan. Mo tún un sọ bí mo ṣe sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kíní: mi ò ní lè gbà á lọ́dún yìí, ṣùgbọ́n màá kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní "ó dáa, jẹ́ kí n ronú sí i."

Mi ò mọ̀ bóyá ó bínú. Kò dà bíi pé ó bínú, kò sì dà bíi pé inú ẹ̀ dùn. Kò tíì sọ fún Ańkù, torí Ańkù ṣì bi mí láàárọ̀ yìí pé déètì wo la máa lò.

Ìyá_Wúrà:
Ó tiraka. Fún un lọ́jọ́ díẹ̀, má pè é láti bi í bóyá ó bínú, o ò gbọdọ̀ fipá mú un kó tù ẹ́ nínú. Pè é fún nǹkan míì tí kò kan pátì, kó rí i pé ìwọ náà ni o.

Kò_Tán_Síbẹ̀:
Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì láì fi ìdí tuntun kún un. Èyí wù mí jù nínú gbogbo ẹ̀. Ańkù yẹn, sọ fún un pé "Àǹtí máa bá yín sọ̀rọ̀", kó o lọ sùn.

Ṣadé_Àárín:
Nǹkan kan ló kù tí mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣe é. Owó tó ṣẹ́kù lọ́dún tó kọjá ṣì wà nínú àkáǹtì mi. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀.

Akọ̀wé_Ẹbí:
Hà. Kí ló dé tó ò tètè sọ èyí? Ìyẹn ṣe kókó ju gbogbo ohun tá a ti ń sọ lọ. Níwọ̀n ìgbà tí owó bá ṣì wà lọ́dọ̀ ẹ, ìwọ ni alákòóso lójú wọn, kò sí bó o ṣe sọ ọ́ tó. Ẹni tó bá fẹ́ ra nǹkan, ìwọ ló máa pè. Kọ iye tó wọlé, iye tó jáde, iye tó kù, so rìsíìtì mọ́ ọn, fi ránṣẹ́ sí Àǹtí àti Ańkù papọ̀, kó o bi wọ́n pé àkáǹtì ta ni kó o fi ránṣẹ́ sí.

Lánre_T:
Kí ló dé tí kò kàn fi ránṣẹ́ sí ẹni tó máa ṣètò?

Akọ̀wé_Ẹbí:
Wọn ò tíì yàn án. Èmi ò sì gbà pé kẹ́ni tó ń ṣètò tún máa di owó mú, àárín ibẹ̀ ni ìjà ẹbí ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Bàbá_Ìbejì:
Tiwa, ẹni kan náà ló ń ṣe méjèèjì, a ò jà rí. Ó rọrùn bẹ́ẹ̀ ju kẹ́nì kan máa sáré tọ ẹlòmíì lọ nítorí owó ike omi.

Dúró_Gbọ́:
Ẹ ṣáà rí i pé ọ̀rọ̀ owó ni. Mo ti sọ ọ́ láti òkè.

Ṣadé_Àárín:
😂😂 Bùrọ̀dá Dúró_Gbọ́, ẹ jàre. Mò ń wá àwọn rìsíìtì yẹn lọ́wọ́ báyìí, ti alásè ni mi ò tíì rí, á wà nínú fóònù mi àtijọ́. Màá fi ránṣẹ́ sáwọn méjèèjì kí ilẹ̀ tó ṣú. Ańkù tún ti pè bí mo ṣe ń tẹ èyí, mi ò tíì gbé e.